Gbèsè tí kò tíì dájú: ìgbà tó yẹ ká kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò, àti ìgbà tí àlàyé nìkan tó

Bí ọdún ìṣirò bá ti ń parí lọ, owó tí a ti ná kì í dá ìjà sílẹ̀, rìsíìtì rẹ̀ wà nílẹ̀. Ohun tó máa ń fa awuyewuye láàárín akọ́ńtáǹtì, ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti ọ́dítọ̀ ni ẹjọ́ tí kóòtù kò tíì dá, wáráńtì tó ṣì wà lọ́wọ́ oníbàárà, àti ṣọ́ọ̀bù àyágbé tí a ti wó ògiri inú rẹ̀. Owó lè tìtorí wọn jáde lápò wa, ó sì lè má jáde. Ọ̀gá á ní kí a má kọ nǹkan kan títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀. Ọ́dítọ̀ á ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ìlànà tó dá sí ọ̀rọ̀ náà ni IAS 37, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀ lé e láti 2012, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà àgbáyé. Ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń lo IFRS for SMEs á bá irú ìbéèrè kan náà pàdé ní orí 21 ìlànà tiwọn.

Orúkọ méjì ni a ó máa lò. Pírófísọ̀n ni gbèsè tó ti wà lọ́rùn wa, àmọ́ tí iye rẹ̀ tàbí ọjọ́ tí a ó san án kò tíì dájú. Inú báláǹsì ṣíìtì ló ń wọ̀, ó sì ń dín èrè kù. Gbèsè bóyá ni èyí tí a kò tíì lè sọ pé ó wà lọ́rùn wa, tàbí tó wà àmọ́ tí kò jọ pé owó máa jáde nítorí rẹ̀, tàbí tí kò sí bí a ṣe lè díwọ̀n rẹ̀ rárá. Èyí kì í wọ báláǹsì ṣíìtì. Abala àlàyé tó tẹ̀ lé ìwé ìṣirò ni a ń sọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ látòkè délẹ̀. Ká ní ó ń ta ínfátà àti bátìrì n'Íbàdàn, ó sì ní ẹ̀ka kan l'Ábẹ́òkúta. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024 ni ọdún ìṣirò rẹ̀ parí, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2025 sì ni àwọn olùdarí máa buwọ́ lu ìwé náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ohun tó ti ṣẹlẹ̀

Kí ẹ tó ronú nípa iye owó, ẹ bi ara yín pé: kí ló ti ṣẹlẹ̀ kí ọdún tó parí tó fi di dandan fún wa láti san owó yìí? Bí kò bá sí, kò sí pírófísọ̀n, bó ti wù kó dá wa lójú tó pé a máa ná owó náà.

Ilé iṣẹ́ wa ní ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa gba àtúnṣe ńlá ní 2025. Ó dájú pé owó á jáde. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ lè ta ọkọ̀ náà lọ́la, tàbí kó gbé e sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè mú un lọ sí kóòtù pé kí ló dé tí kò tún un ṣe. Nítorí náà, a ò ní kọ ọ́ sínú ìwé 2024. Ìnáwó 2025 ni. Àdánù tí a bá ń retí ní ọdún tó ń bọ̀ náà kò ṣeé kọ, ìdí kan náà ni.

Ti wáráńtì yàtọ̀. Ọjọ́ tí oníbàárà ti sanwó tó sì gba ínfátà pẹ̀lú káàdì wáráńtì oṣù 12 ni ọ̀ràn ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí ó bá bàjẹ́ láàárín àkókò náà, a ò lè sá. Títà ọjà ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe àdéhùn orí ìwé nìkan ló ń dè wá. Ká ní káàdì sọ pé oṣù 12, àmọ́ fún ọdún púpọ̀ ni ilé iṣẹ́ ti ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé oṣù 18, tó sì ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn tó ra ọjà ti gbọ́, wọ́n sì ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìṣe wa fúnra rẹ̀ ti di ẹrù lé wa lórí, a ó sì ṣírò oṣù 18.

Ẹ̀ka Abẹ́òkúta ni àwọn èèyàn máa ń ṣìnà sí jù. Ní ìparí oṣù Kejìlá, àwọn olùdarí pinnu nínú ìpàdé pé àwọn máa ti ẹ̀ka náà pa. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, wọ́n sì pa á mọ́ sáàárín ara wọn. Ìpinnu tó wà láàárín wọn nìkan kò tíì di gbèsè, nítorí wọ́n ṣì lè yí i padà láìsí ẹni tó máa bi wọ́n. Kí ó tó di pírófísọ̀n, ètò kíkún gbọ́dọ̀ wà: ẹ̀ka wo, òṣìṣẹ́ mélòó, iye owó, ìgbà wo. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, tàbí kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá tó kọjá. Lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ gbà ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní kò lè sọ ìpinnu náà di gbèsè ọdún tó kọjá.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wọn bó ṣe ṣeé ṣe tó

Bí ohun tó dè wá bá ti wà, ẹ bi ara yín pé: ṣé sísan pọ̀ ju àìsan lọ? Ohun tí IAS 37 béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kó dájú. Bí ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún bá wà pé owó á jáde, ó ti kọjá ààlà, a ó kọ ọ́. Bí kò bá tó ìdajì, àmọ́ tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, a ó ṣàlàyé rẹ̀. Bí ó bá jìnnà réré, a ò ní kọ ọ́, a ò sì ní ṣàlàyé rẹ̀.

Ọ̀gá tó ń ní kí a dúró de adájọ́ ń béèrè ìdánilójú, ìlànà kò sì béèrè ìyẹn. Gbogbo ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ ti mọ̀ nínú ọkàn ara rẹ̀ pé òun máa jẹ̀bi ló yẹ kó ti wọ ìwé kí adájọ́ tó dá a.

Ẹjọ́ tiwa rèé. Ní oṣù Kẹrin 2024, iná jó ṣọ́ọ̀bù aṣọ oníbàárà kan ní Dùgbẹ̀. Ó ní bátìrì wa ló fà á, ó sì pè wá lẹ́jọ́, ó ń béèrè ₦40 mílíọ̀nù. Títí di oṣù Kejìlá, ohun tí lọ́yà wa ní lọ́wọ́ fi hàn pé oníṣẹ́ iná tí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú wá lo wáyà tó tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́yà gbà pé a máa jàre, àmọ́ kò lè sọ pé a ò lè jẹ̀bi rárá.

Bí ẹ ṣe bi lọ́yà ní ìbéèrè ló ń pinnu bí ìdáhùn rẹ̀ á ṣe wúlò tó. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "ẹjọ́ náà ṣì wà nílé ẹjọ́, a ó sì gbèjà yín dáadáa" kò ran akọ́ńtáǹtì lọ́wọ́. Ẹ ní kó kọ̀wé lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí: ṣé ó rò pé jíjẹ̀bi pọ̀ ju jíjàre lọ, bí a bá jẹ̀bi, iye wo ló ṣeé ṣe jù, kì í ṣe iye tí olùpẹ̀jọ́ kọ, ẹ̀rí wo ló gbé èrò rẹ̀ lé, ìgbà wo ló sì rò pé owó lè jáde. Bí ó bá kọ̀ láti fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sọ ọ́, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ ẹnu sọ ọ́, kó ṣáà sọ ìhà tó tẹ̀ sí.

Ohun tí a ní lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá fi hàn pé gbèsè bóyá ni ẹjọ́ iná yìí. Àlàyé nìkan ni. Ẹ má tíì ti fáìlì rẹ̀, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ díwọ̀n rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí ló ń pinnu èyí tí a ó lò. Bí ohun tí a fẹ́ díwọ̀n bá pọ̀, tó jọra, bí ínfátà ẹgbẹ̀rún kan, a ó wá ìpíndọ́gba tó gba gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, bí ẹjọ́ kan, iye tó ṣeé ṣe jù ni a sábà máa ń mú, bí àwọn iye yòókù tó ṣeé ṣe kò bá pọ̀ jù ú lọ tàbí kéré sí i jìnnà.

Ilé iṣẹ́ wa ta ínfátà 1,000 ní 2024. Ìwé iṣẹ́ àtúnṣe fún àwọn ọdún tó ti kọjá fi hàn pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kì í bàjẹ́ láàárín oṣù 12, ìdá 15 máa ń gba àtúnṣe kékeré tó tó ₦20,000, ìdá 5 sì máa ń gba àtúnṣe ńlá tó tó ₦120,000.

```
1,000 x 80% x 0        =         0
1,000 x 15% x 20,000   = 3,000,000
1,000 x  5% x 120,000  = 6,000,000
Àpapọ̀                 = 9,000,000
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé fún ínfátà kan ṣoṣo, ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé kò ní bàjẹ́. Bí a bá fi ọ̀nà ẹjọ́ díwọ̀n wáráńtì, òdo ni a ó kọ, irọ́ pátápátá sì ni. Ìdí nìyí tí ọ̀nà méjèèjì fi wà.

Ẹ lo iye owó àtúnṣe ti ìsinsìnyí, pẹ̀lú ohun tó ṣeé retí pé á lé e. Pátákó ínfátà tí wọ́n ń fi dọ́là rà kì í dúró sójú kan ní Nàìjíríà, ìwé àtúnṣe 2022 kò sì lè sọ iye tí yóò jẹ́ ní 2025. Ìdá tó ń bàjẹ́ nìkan ni kí ẹ mú láti inú ìwé àtijọ́; owó rẹ̀, ẹ lọ béèrè lọ́jà.

Bí sísan bá ṣì jìnnà, ẹ gbọ́dọ̀ dá owó náà padà sí iye rẹ̀ lónìí. Ṣọ́ọ̀bù Abẹ́òkúta jẹ́ àpẹẹrẹ. Àdéhùn ilé sọ pé bí a bá ń kó jáde, a ó tún ògiri tí a wó mọ. A ti wó o, nítorí náà ohun tó dè wá ti ṣẹlẹ̀. Ká ní ọdún 5 ló kù lórí àdéhùn, tí a sì retí pé iṣẹ́ náà á gba ₦2,000,000 nígbà náà, tí ìdá tó yẹ kí a fi ṣírò sì jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún.

```
2,000,000 / 1.15^5 = 994,353
```

₦994,353 ni pírófísọ̀n. A ò ní sọ ọ́ di ìnáwó lọ́wọ́ kan, ara iye dúkìá ṣọ́ọ̀bù náà ni a ó fi kún. Ní ọdún àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, pírófísọ̀n náà á wú sí i pẹ̀lú ₦149,153, ìyẹn á sì wọ ìwé èrè àti àdánù bí èlé orí owó. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa ṣe é títí yóò fi pé ₦2,000,000. Ti wáráńtì kò nílò èyí, nítorí láàárín ọdún kan ni gbogbo rẹ̀ á tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀

Fún wáráńtì 2024, a ó kọ ìnáwó ₦9,000,000 sí apá dẹ́bíìtì, a ó sì kọ pírófísọ̀n ₦9,000,000 sí apá krẹ́díìtì. Kí ọdún tó parí, a ti ná ₦2,500,000 lórí àwọn tó bàjẹ́. Ìnáwó yẹn kì í tún wọ ìwé èrè àti àdánù. Inú pírófísọ̀n la ti ń yọ ọ́. Ó kù ₦6,500,000 lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ká tún wo ínfátà tí wáráńtì rẹ̀ kò tíì tán: bí ìbàjẹ́ bá ti yára ju bí a ṣe rò lọ, a ó fi kún un, bí ó bá rọlẹ̀, a ó dá èyí tó lé padà sínú èrè.

Kíkọ pírófísọ̀n kò túmọ̀ sí pé owó wà ní báǹkì. Mo ti rí ọ̀gá tó bínú pé òun kò rí "owó tí ẹ ní ẹ yà sọ́tọ̀". Kò sí owó kankan tó kúrò níbì kan. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ kó owó náà jọ, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

A kì í fi pírófísọ̀n kan san ìnáwó mìíràn. ₦6,500,000 ti wáráńtì ni. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ má fi sanwó ẹjọ́. Bákan náà, pírófísọ̀n "fún ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀" kò bófin mu. Ọ̀gá tó rí èrè rẹpẹtẹ lọ́dún yìí, tó ní kí a fi ₦10 mílíọ̀nù pamọ́ síbẹ̀ kó lè fà á jáde lọ́dún tí ọjà bá kú, ń pa irọ́ fún àwọn tó ń ka ìwé náà lọ́dún méjèèjì. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n rọrùn: bí ọ́dítọ̀ bá béèrè ẹni tí a jẹ lówó náà àti ohun tó fà á, kò ní sí ìdáhùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ padà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó buwọ́ lù ú

Ó kan ẹjọ́ iná báyìí. Ní oṣù Kejì 2025, àbájáde àyẹ̀wò dé láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tí kóòtù yàn: àwọn bátìrì tó bá èyí tó jóná wá nínú ẹrù kan náà ní àbùkù láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Lọ́yà kọ̀wé pé a máa jẹ̀bi, àti pé ₦15 mílíọ̀nù ni iye tó ṣeé ṣe jù, nítorí aṣọ tó jóná kò tó ohun tí olùpẹ̀jọ́ kọ.

Àwọn olùdarí kò tíì buwọ́ lùwé. Àbùkù bátìrì náà ti wà láti oṣù Kẹrin 2024. Àyẹ̀wò kàn tú u fó ni. Nítorí náà, inú ìwé 2024 ló gbọ́dọ̀ wọ̀: ₦15,000,000 ìnáwó, ₦15,000,000 pírófísọ̀n. Gbèsè bóyá ti di gbèsè. Ká ní oṣù Karùn-ún ni àbájáde yẹn dé, lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lùwé, ìwé 2025 ni ì bá wọ̀, a ò sì ní padà lọ tún 2024 ṣe, níwọ̀n bí a ti lo gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ nígbà yẹn bó ṣe tọ́.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò wa wá kọ̀wé pé àwọn gbà á, àwọn á san ohun tó bá ju ₦3 mílíọ̀nù àkọ́kọ́ lọ. Ẹ má ṣe kọ pírófísọ̀n ₦3 mílíọ̀nù nìkan. Oníbàárà kò mọ adójútòfò, àwa ló pè lẹ́jọ́, àwa la jẹ ẹ́ ní ₦15 mílíọ̀nù. ₦12 mílíọ̀nù tí a ń retí á dúró lọ́tọ̀ bíi dúkìá. Nínú ìwé èrè àti àdánù nìkan ni a lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kó ku ₦3 mílíọ̀nù. Ẹ rí i pé òṣùwọ̀n méjèèjì kò dọ́gba: gbèsè ń wọlé bí ó bá ju ìdajì lọ, àmọ́ owó adójútòfò kì í wọlé àfi bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú tán. Ìdí nìyí tí lẹ́tà ìgbàgbẹ́rù yẹn fi ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ṣì ń ṣèwádìí, ẹ má kọ dúkìá kankan.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ gbangba nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹwàá 2015, àjọ NCC bu owó ìtanràn ₦1.04 tírílíọ̀nù lé MTN nítorí síìmù tí wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n dín in kù sí ₦780 bílíọ̀nù, MTN sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé ìṣirò 2015 jáde ní oṣù Kẹta 2016, ilé iṣẹ́ náà ti kọ pírófísọ̀n tó tó nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù dọ́là sínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń dúnàá-dúrà. Oṣù Kẹfà 2016 ni wọ́n tó fẹnu kò sí ₦330 bílíọ̀nù, ohun tó lé sì wọ ìwé 2016. Ní 2018, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní MTN jẹ gbèsè owó orí àti owó ẹnubodè tó tó 2 bílíọ̀nù dọ́là. Lórí ìyẹn, ilé iṣẹ́ náà kò kọ pírófísọ̀n, àlàyé gbèsè bóyá ló ṣe. Ìjọba sì fa ọwọ́ ẹ̀sùn náà sẹ́yìn ní oṣù Kìíní 2020. Bí owó tí wọ́n béèrè ṣe tóbi tó kọ́ ló ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ṣé a ó san án, ó ti di èló la ó san.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ kọ àlàyé náà

Fún pírófísọ̀n, ẹ fi hàn bí ó ṣe rìn láàárín ọdún: iye tó wà níbẹ̀rẹ̀, èyí tí a fi kún un, èyí tí a ná, èyí tí a dá padà, àti èyí tó kù. Ẹ sọ ohun tí ó wà fún, ìgbà tí ẹ retí pé owó á jáde, àti ohun tí kò dájú nínú rẹ̀.

Fún gbèsè bóyá, ẹ sọ irú ohun tó jẹ́, iye tó lè jẹ́ bí ó bá ṣeé díwọ̀n, àti ohun tí kò dájú. Ká ní àbájáde oṣù Kejì kò dé, ohun tí ilé iṣẹ́ wa ì bá kọ rèé:

"Oníbàárà kan pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́ ní 2024 lórí ìjàǹbá iná, ó ń béèrè ₦40 mílíọ̀nù. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ títí di ìgbà tí a buwọ́ lu ìwé yìí, pẹ̀lú ìmọ̀ràn àwọn lọ́yà, mú kí àwọn olùdarí gbà pé kò jọ pé owó yóò jáde. A kò kọ pírófísọ̀n. Àyẹ̀wò tí kóòtù pàṣẹ kò tíì parí."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló sọ fún báǹkì tó fẹ́ yá ilé iṣẹ́ lówó pé nǹkan ṣì lè yí padà.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọ̀gá pé olùpẹ̀jọ́ á ka àlàyé náà, á sì fi gbá wọn mú. Ìlànà mọ èyí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí sísọ ọ́ bá máa ba ẹjọ́ jẹ́ gan-an, ẹ lè fi iye àti kúlẹ̀kúlẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ sọ pé àríyànjiyàn kan wà, ohun tó dá lé, àti ìdí tí ẹ kò fi sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé nìkan ni ààyè yìí wà fún. Bí ₦15 mílíọ̀nù bá yẹ kó wọ báláǹsì ṣíìtì, ó gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ lè kó o pọ̀ mọ́ àwọn pírófísọ̀n ẹjọ́ yòókù kí olùpẹ̀jọ́ má baà rí tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí irú rẹ̀ mìíràn bá wà.